Fólítì 230 ní òpó, 170 ní oko: ṣé tiransifọ́mà ni kí n rà ni, àbí wáyà?

Olóko_Kuje

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Oko adìẹ ni mo ní lẹ́yìn Kuje. Láti òpó ilé-iṣẹ́ iná dé oko tó 650 mítà, owó ara mi ni mo sì fi na wáyà ibẹ̀. Alumíníọ̀mù 25 mm² ni, okùn méjì péré: féèsì kan, níútírà kan. Mítà tí mo ń ra káàdì sí wà ní ìdí òpó lọ́hùn-ún, kò sí ní oko.

Ọyẹ́ ti dé, òròmọdìẹ sì ti wọlé. Mo tan hítà mẹ́fà, 2 kílówáàtì ni wọ́n kọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú gílóòbù díẹ̀. Hítà kò gbóná bó ṣe yẹ, àwọn òròmọ ń gun ara wọn lórí ní igun kan. Ọ̀gá oníná tó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò rí 230 fólítì ní ìdí mítà, ó rí 170 ní oko, ámpíà 40 sì ń kọjá. Tí a bá pa gbogbo hítà, fólítì oko á gòkè padà sí 229.

Wọ́n ní kí n ra tiransifọ́mà kan tí yóò gbé 170 padà sí 230, kí n gbé e sí oko. Ẹlòmíràn ní méjì ni kí n rà, ọ̀kan ní ìdí òpó, ọ̀kan ní oko. Èwo ni kí n tẹ̀lé?

Sitebiláísà_Kano

Ọ̀gá mi, ẹyọ kan ti tó. Mo ń ta irú rẹ̀ ní Sabon Gari. Iye ìyípo wáyà ló ń sọ fólítì: tí wọ́n bá wé 170 sí apá kan, tí wọ́n wé 230 sí apá kejì, ohun tó bá wọlé ní 170 á jáde ní 230. Àwọn oníbàárà mi tó ní ṣọ́ọ̀bù ń lò ó, kò sí ẹni tó dá a padà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ná yín lówó méjì.

Ìyá_Dáre_Kubwa

Ó dà bíi tèmi o. Ní ilé wa, tó bá di alẹ́, iná tèmi á mọ́lẹ̀ jù, gílóòbù á máa jó, nígbà tí ti aládùúgbò mi á ṣókùnkùn. Fíríjì mi ti bàjẹ́. Ṣé tiransifọ́mà ni kí èmi náà rà? Fún òròmọdìẹ, ẹ lo èédú jàre, èédú là ń lò láyé àtijọ́, adìẹ sì ń dàgbà.

Oníná_Suleja

Ìyá Dáre, tiyín yàtọ̀. Bí ilé kan bá ń mọ́lẹ̀ jù tí èkejì ń ṣókùnkùn lákòókò kan náà, níútírà ló ti já tàbí tó ti ń dẹ̀ níbì kan. Ẹ pa súíìṣì àgbà lónìí, kí ẹ pe ilé-iṣẹ́ iná. Ẹ má dúró di ọ̀la.

Àlájà_Minna

Olóko, ẹ ṣeun tí ẹ wọn nǹkan kí ẹ tó bèèrè. Iye tí ẹ kọ yẹn ti fi ibi tí ọ̀ràn wà hàn. Nígbà tí hítà wà ní pípa, oko rí 229, torí náà tiransifọ́mà ìgboro kò jẹ̀bi ohunkóhun. Nígbà tí ámpíà 40 ń kọjá, 60 fólítì sọnù lójú ọ̀nà. Ẹ pín 60 sí 40, ẹ ó rí 1.5. Ìdènà wáyà yín nìyẹn, 1.5 óòmù fún lílọ àti bíbọ̀. Alumíníọ̀mù 25 tó gùn tó 1,300 mítà, ẹ rántí pé iná ń lọ ó sì ń bọ̀, kì í dín ní nǹkan bíi 1.46, nítorí náà àwọn ojú ìsopọ̀ yín kò burú. Wáyà kò bàjẹ́, ó kàn tinrin jù fún iṣẹ́ tí ẹ gbé lé e ni.

60 fólítì lọ́nà ámpíà 40 jẹ́ 2,400 wáàtì. Iná tó ń gbóná lórí okùn láàárín òpó àti oko nìyẹn. Ohun tó dé oko jẹ́ 170 lọ́nà 40, ìyẹn 6,800. Ohun tí mítà kà jẹ́ 9,200. Nínú 100 náírà tí ẹ bá fi ra káàdì, 74 ló ń dé ọ̀dọ̀ adìẹ, ẹyẹ tó bá bà sórí wáyà ló ń yá 26 tó kù. Hítà tí wọ́n kọ 2,000 sí lára kò sì lè fún yín ju bíi 1,090 lọ ní 170 fólítì, nítorí bí fólítì bá dín, kọ́ráǹtì náà á dín tẹ̀lé e.

Sitebiláísà, òótọ́ ni ohun tí ẹ sọ nípa ìyípo wáyà. Ibi tó ti yẹ̀ ni pé tiransifọ́mà kì í dá iná sílẹ̀. Bó bá gbé fólítì sókè, kọ́ráǹtì ló fi ń san án. Láti 170 sí 230 jẹ́ ìlọ́po 1.35, nítorí náà gbogbo ámpíà 1 tí hítà bá gbà, 1.35 ni yóò fà láti ojú wáyà. Hítà Olóko àti gílóòbù rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 4.25 óòmù. Láti ojú wáyà, tiransifọ́mà yín á mú kí ó dà bíi 2.32. Ẹ fi 1.5 ti wáyà kún un, ẹ fi pín 230: ámpíà 60 ni yóò máa kọjá dípò 40. 90 fólítì á sọnù lójú ọ̀nà, 140 á dé oko, tiransifọ́mà á gbé e sókè, kò sì ní dé 230 tí ẹ ń retí. 189 ni.

Hítà á gbóná díẹ̀ sí i, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣòfò lórí wáyà á kúrò ní 2,400, á di nǹkan bíi 5,400 wáàtì. Nínú 100 náírà, 61 ni yóò dé. Mi ò tíì ka ohun tí tiransifọ́mà fúnra rẹ̀ á jẹ o.

Sitebiláísà_Kano

Àlájà, kí a wé e ní ìlọ́po 2 nígbà náà, kó lè dé 230.

Àlájà_Minna

Kò ní dé. Wáyà 1.5 óòmù tó ń gba 230 fólítì kò lè gbé ju bíi 8,800 wáàtì dé òdìkejì lọ, ohun yòówù kí ẹ so mọ́ ọn. Níbi tí ó ti ń gbé 8,800 yẹn, ìdajì iná ti ń ṣòfò, oko sì ń rí 115. Bí ẹ bá ti kọjá ibẹ̀, bí ẹ ṣe ń fi ìyípo kún un ni ooru hítà á máa dín. Hítà àti gílóòbù Olóko sì fẹ́ nǹkan bíi 12,400 kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Àwọn oníbàárà yín ní Kano kò jìnnà sí tiransifọ́mà ìgboro, ìdí nìyẹn tí tiyín fi ń ṣiṣẹ́ fún wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Zaria

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo ń kẹ́kọ̀ọ́ iná ní yunifásítì níbí. Èyí tí wọ́n ní kí wọ́n gbé méjì ni mo fara mọ́, 1 sí 4 ní ìdí òpó, 4 sí 1 ní oko. Ohun kan ló ń rú mi lójú. Wọ́n kọ́ wa pé òfò jẹ́ `I²R`, wọ́n tún ní `V²/R` náà tọ́. Tí mo bá gbé fólítì sí ìlọ́po 4, èkíní sọ pé òfò á di ìdá kan nínú 16. Èkejì sọ pé á di ìlọ́po 16. Àwọn méjèèjì ò lè jẹ́ òótọ́.

Àlájà_Minna

Méjèèjì tọ́, àbúrò. Fólítì inú `V²/R` kọ́ ni èyí tó wà láàárín okùn méjèèjì. Èyí tó sọnù lójú wáyà fúnra rẹ̀ ni. Ti Olóko, 60 ni ẹ ó fi sí i, kì í ṣe 230. 60 lọ́nà 60 jẹ́ 3,600, pín in sí 1.5, 2,400 náà ló padà wá. Ẹni tó bá fi 230 sí i ti ro ó bí ẹni pé wọ́n so okùn méjèèjì pọ̀ ní oko láìsí hítà kankan.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká gbé e sí 920 fólítì, kí a kọ́kọ́ kà á sí pé tiransifọ́mà méjèèjì kò jẹ nǹkan kan. Hítà 4.25 óòmù, láti ojú wáyà, á dà bíi 68, nítorí ìlọ́po 4 lọ́nà ìlọ́po 4 ni. Ámpíà tó kọjá á jẹ́ 13.2. 20 fólítì péré ló sọnù nínú 920, oko á rí 900, tiransifọ́mà ibẹ̀ á sọ ọ́ di 225. Hítà á ṣiṣẹ́ bí hítà, bíi 11,900 wáàtì, òfò lójú wáyà á sì wálẹ̀ sí nǹkan bíi 263. Nínú 100, 98 dé oko.

Ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe ní Kainji. Ẹ̀rọ ibẹ̀ ń pèsè iná ní 16,000 fólítì, tiransifọ́mà á sọ ọ́ di 330,000 kó tó jáde sójú ọ̀nà. Ìyẹn ju ìlọ́po 20 lọ. Iná kan náà, lórí wáyà kan náà, òfò rẹ̀ á dín ju ìlọ́po 400 lọ.

Olóko_Kuje

98! Kí ni mo tún ń dúró dè? Ẹ júwe ẹni tó ń ta méjèèjì.

Oníná_Suleja

Ẹ fara balẹ̀ ná, ọ̀gá. Lórí ìwé ni Àlájà ṣì wà.

Àlájà_Minna

Oníná gbà á lẹ́nu mi. Tiransifọ́mà tí kò jẹ nǹkan kan, inú ìwé ìdánwò nìkan ló wà.

Òun náà ń jẹun, ọ̀nà méjì ló sì ń gbà jẹ ẹ́. Èkíní ni irin àárín rẹ̀. Òòfà inú irin yẹn ń yí padà síwá sẹ́yìn ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, irin sì ń gbóná torí ẹ̀. Ó ń jẹ èyí ní gbogbo ìgbà tí iná bá wà lórí rẹ̀, yálà hítà wà ní títàn tàbí kò sí. Èkejì ni bàbà tí wọ́n wé mọ́ ọn. Ìyẹn kì í jẹ àyàfi tí kọ́ráǹtì bá ń kọjá, tí kọ́ráǹtì bá sì di ìlọ́po 2, ohun tó ń jẹ á di ìlọ́po 4.

Ẹ jẹ́ kí n mú tiransifọ́mà kékeré méjì tó lè gbé 15 kílófólítì-ámpíà, nítorí 10 kò ní gba hítà yín. Kí a fi 100 wáàtì fún irin ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a fi 350 fún bàbà ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá ń ṣiṣẹ́ dé góńgó. Tiyín lè yàtọ̀, ẹ gba iye tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Ní ìwọ̀n iṣẹ́ hítà yín, bàbà méjèèjì á jẹ tó 430, irin méjèèjì á jẹ 200, wáyà á jẹ bíi 245. Bàbà inú wọn náà á dín fólítì kù díẹ̀, oko á rí 217 dípò 225. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, nǹkan bíi 93 ló máa dé nínú 100, kì í ṣe 98.

93 ṣì dára gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ 74. Ibi tí ọ̀pọ̀ kì í wò ni irin. 200 wáàtì fún wákàtí 24 jẹ́ yúnìítì 4.8 lójúmọ́ bí iná bá wà ní gbogbo wákàtí, yálà adìẹ wà ní oko tàbí ẹ ti tà wọ́n tán. Mo ṣírò rẹ̀: bí ohun tí ẹ ń lò ní oko kò bá tó bíi yúnìítì 16 lójúmọ́, tiransifọ́mà méjèèjì á jẹ ju ohun tí wáyà yín ń fi ṣòfò báyìí lọ. Nígbà ọyẹ́ ẹ ó kọjá 16 dáadáa. Ní oṣù March ńkọ́? Ẹ ó nílò súíìṣì ní ìdí òpó, kì í ṣe ní oko, kí ẹ lè máa pa méjèèjì.

Sitebiláísà_Kano

Àlájà, èyí tí mo ń wé fúnra mi kì í jẹ tó bẹ́ẹ̀.

Àlájà_Minna

Ó ṣeé yẹ̀ wò. Ẹ so 230 mọ́ apá 920, ẹ má so nǹkan kan mọ́ apá kejì. Bí ìyípo bá pé, ẹ ó ka nǹkan bíi 57 tàbí 58 níbẹ̀. Ẹ má dán an wò láti apá kejì o, torí 920 á jáde sí yín lọ́wọ́. Ìyẹn ń dá ìyípo nìkan wò, kò sọ nǹkan kan nípa irin. Fún irin, ẹ gbé iná tó yẹ ẹ́ lé e pẹ̀lú ìdáàbòbò, láìsí ẹrù kankan, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan. Bó bá ń kùn lóhùn rara, tó sì gbóná débi tí ọwọ́ kò lè dúró lára rẹ̀, irin tí wọ́n tú kúrò lára ògbólógbòó ni wọ́n fi ṣe é, tàbí ìyípo kò tó fún ìwọ̀n irin náà. Ẹ lè pé ìyípo 1 sí 4 láìyẹ̀, kó sì jẹ́ pé 250 àti 1,000 ló yẹ kí ẹ wé, ẹ wá wé 150 àti 600.

Oníná_Suleja

Èmi tí mo ń gun òpó ní tèmi láti sọ. 920 fólítì kì í ṣe fólítì tí ẹnikẹ́ni ń retí lórí òpó oko. Ìkòkò tí ẹ fi so wáyà sórí òpó, súíìṣì, fíúsì, kò sí èyí tí wọ́n ṣe fún un nínú àwọn tí wọ́n ń tà ní ọjà fún iná ilé. Ọmọ oníná tó bá gun òpó yẹn lọ́dún tó ń bọ̀ á rò pé 230 ni. NEMSA ló sì ń yẹ iṣẹ́ iná wò kí wọ́n tó gbà á wọlé, èmi ò rí ẹni tó máa fọwọ́ sí èyí.

Ìmọ̀ràn tèmi ni kí ẹ tú 25 kúrò, kí ẹ na 70. Ìdènà á wálẹ̀ sí bíi 0.52 óòmù. Oko á rí 205 fólítì, 89 á dé nínú 100. Kò sí irin tó ń jẹun lóru, kò sí ohun tó ń kùn. Ó wúwo ju 25 lọ o, ẹ ó fi òpó sí àárín àwọn tó ti wà.

Olóko_Kuje

Ọ̀gá oníná, wọ́n ti jí wáyà gé lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀nà yẹn. Tí wọ́n bá rí 70, wọn ò ní sùn.

Àlájà_Minna

Ṣé féèsì mẹ́tà wà lórí òpó tí ẹ ti ń fa iná? Bó bá wà, mo ní ohun tó dùn mọ́ mi ju gbogbo èyí lọ. Ẹ fi okùn 25 méjì kún èyí tó wà, kó di mẹ́rin: féèsì mẹ́ta, níútírà kan. Ẹ pín hítà mẹ́fà sí méjì-méjì.

Níbi tí okùn jẹ́ méjì, gbogbo kọ́ráǹtì tó lọ ló gbọ́dọ̀ padà, ó sì ń ṣòfò ní lílọ àti ní bíbọ̀. Nígbà tí féèsì mẹ́ta bá dọ́gba, kọ́ráǹtì wọn á pa ara wọn rẹ́ lórí níútírà, òfò bíbọ̀ ò sí mọ́. Ìdènà tí féèsì kọ̀ọ̀kan ń rí á di 0.75, kọ́ráǹtì rẹ̀ á di 17 dípò 40. 13 fólítì ló máa sọnù, oko á rí 217, nǹkan bíi 94 á sì dé nínú 100.

Ẹ wò ó dáadáa. Okùn tinrin méjì péré fún yín ní 94, tiransifọ́mà tòótọ́ méjì fún yín ní 93. Lórí ìwé, tiransifọ́mà ló borí pẹ̀lú 98.

Akẹ́kọ̀ọ́_Zaria

Kí ló dé tí Kainji kò fi sá fún irin náà, mà?

Àlájà_Minna

Bí tiransifọ́mà bá ṣe tóbi sí i ni ìpín tó ń jẹ á máa kéré sí i. Àwọn ńláńlá tó wà ní ìdí ẹ̀rọ máa ń gbé ju 99 kọjá nínú 100. Ọ̀nà tí iná ń rìn níbẹ̀ sì jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà, kì í ṣe 650 mítà. Èrè tó wà nínú gbígbé fólítì sókè níbẹ̀ ju owó irin lọ fíìfíì. Ti Olóko kò rí bẹ́ẹ̀.

Oníná_Suleja

Féèsì mẹ́ta dára, n kò bá Àlájà jiyàn lórí ìṣirò. Ẹ̀rù níútírà ló ń bà mí. Bó bá já lójú ọ̀nà nígbà tí hítà féèsì kan ti pa ara rẹ̀ nítorí ooru tó, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí Ìyá Dáre á ṣẹlẹ̀ ní oko. Gílóòbù tó wà lórí féèsì tí ẹrù rẹ̀ kéré lè rí fólítì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400. Wáyà tí olè ń gé sì ni a ń sọ.

Àlájà_Minna

Òótọ́ ni, mi ò lè sọ pé kò lè ṣẹlẹ̀. Ẹ fi ohun tó máa já iná fúnra rẹ̀ nígbà tí fólítì bá ga jù tàbí tó bá lọ sílẹ̀ jù sí oko, kí ó sì já mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ẹ ri irin ilẹ̀ mọ́ oko pẹ̀lú.

Ìyá_Dáre_Kubwa

Wọ́n ti wá. Níútírà ni lóòótọ́, ojú ìsopọ̀ rẹ̀ ti jóná dúdú ní orí òpó. Ẹ ṣeun, Oníná.

Sitebiláísà_Kano

Ẹ ò ṣe lè ní kí ilé-iṣẹ́ iná yí bọ́tìnnì ìyípo ara tiransifọ́mà ìgboro sókè? Ọ̀fẹ́ ni yẹn.

Oníná_Suleja

Wọ́n gbọ́dọ̀ pa gbogbo àdúgbò kí wọ́n tó lè yí i, ìtẹ̀sẹ̀ kan kì í sì í ju 2.5 nínú 100 lọ. Olóko á rí fólítì 4 tàbí 5 lé lórí 170, ẹni tó wà lábẹ́ tiransifọ́mà náà ni fíríjì rẹ̀ á máa gba èyí tó pọ̀ jù.

Olóko_Kuje

Mo ti bá ọ̀gá oníná mi padà sí ìdí òpó. Féèsì mẹ́ta wà níbẹ̀ lóòótọ́. A wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan sí níútírà ní aago mẹ́jọ alẹ́: tèmi 230, èkejì 226, ẹ̀kẹta 204. Mítà tèmi ti féèsì kan ni, ilé-iṣẹ́ iná ní kí n kọ ìwé kí wọ́n tó lè pààrọ̀ rẹ̀, wọn ò sọ ìgbà tí wọ́n á dáhùn. Kí ni kí n ṣe sí 204 yẹn?

Àlájà_Minna

Ẹ tún un wọ̀n ní aago méjì òru. Bó bá gòkè dé bíi 225, ẹrù àdúgbò ló wà lórí rẹ̀ lálẹ́, òru lẹ sì nílò ooru jù. Bó bá dúró sí 204 nígbà tí gbogbo ènìyàn ti sùn, ó ṣeé ṣe kí ìsopọ̀ kan máa jóná níbì kan lórí féèsì yẹn, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì tún un ṣe kí ẹ tó so hítà kankan mọ́ ọn. Kí ìwé mítà tó dáhùn, ẹ lo hítà mẹ́rin dípò mẹ́fà. Oko á rí bíi 186 fólítì, hítà kọ̀ọ̀kan á fún yín ní bíi 1,300 wáàtì, òfò lójú wáyà á sì dín sí nǹkan bíi 1,300.

Ìyá_Dáre_Kubwa

Kí wọ́n fi èédú dí àlàfo méjì tó kù.

Oníná_Suleja

Ẹ̀yin àti èédú! Ṣùgbọ́n ẹ ò purọ́ níbí o. Ọ̀gá, ẹ ṣáà ṣí fèrèsé díẹ̀ fún èéfín.